Ìpele Keje Tí Mo Fi Fún Ara Mi

Nígbà tí mo dé ilé-iṣẹ́ wa, yàrá méjì péré ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oúnjẹ kan ní òpópónà Bissonnet, ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston tí àwa Yorùbá pọ̀ sí. Iṣẹ́ wa ni kí a máa rán nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú lọ sílé àwọn arúgbó àti aláìsàn. Ọ̀gá wa obìnrin, nọ́ọ̀sì tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Láyé ìgbà tí a kò tíì pé mẹ́wàá, owó iṣẹ́ kò ní òfin. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ná á ná an, ẹni tí àánú rẹ̀ bá ṣe Màmá á rí àfikún. Ṣùgbọ́n nígbà tí òṣìṣẹ́ lé ní ọgọ́ta, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kò wá sunkún owó ní ọ́fíìsì. Màmá bá ránṣẹ́ pè mí.

"Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ bá mi to owó yìí ní ìpele-ìpele, kí oníkálukú mọ ibi tí òun dúró, kí èmi náà lè rí oorun sùn."

Mo ní ẹ má ṣèyọnu, mà. Kí ni mo mọ̀ nípa rẹ̀? Údójì ni mo mọ̀. Ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti tọ́ mi. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ ló dábàá ní 1974 pé kí iṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà wà lórí àkàbà kan ṣoṣo tó ní ìpele 17. Owó àjẹsílẹ̀ tí ìjọba san tẹ̀lé e ni ọ̀pọ̀ òbí wa fi ra rédíò, kẹ̀kẹ́ àti ankárá, tí ọjà sì gbówó lórí kí ankárá ọ̀hún tó ṣá. Nílé wa, Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 14 ni bàbá mi. Ẹnikẹ́ni kì í sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ló wà ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ni. Ó ń gbé e lọ sí ìpàdé ẹbí, wọ́n sì ń fi í pín ẹran. Bàbá mi fẹ̀yìn tì, lẹ́fẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò fẹ̀yìn tì.

Ìmọ̀ tí mo gbé jókòó nìyẹn lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo la ìpele mẹ́jọ sórí tábìlì kọ̀ǹpútà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ sí i. Orúkọ ni mo wí o, n kò wí iṣẹ́. Alàgbà tó ń pín ṣíìfù, tó ń mọ olùtọ́jú tó máa lọ sílé aláìsàn wo àti aago tó máa dé, ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó gboyè kejì ní Yunifásítì Ìbàdàn, alàgbà ìjọ ni, ó sì ti wakọ̀ wá gbé mi rí lóru nígbà tí ọkọ̀ mi kú sójú ọ̀nà márosẹ̀. Ìpele kẹfà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó máa ń já mi lẹ́nu nínú ìpàdé. Ìpele kejì, kó lọ fi kọ́gbọ́n. Nígbà tó kan èmi alára, mo wo ìpele kẹjọ títí. Ìrẹ̀lẹ̀ mú mi, nítorí ibẹ̀ ni Màmá àti olórí nọ́ọ̀sì wà. Mo gba ìkeje.

Ìpele kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ààlà owó tirẹ̀: ìsàlẹ̀, àárín àti òkè. Láti mọ àárín, mo ro iye tí a ti ń san fún àwọn tó wà ní ìpele náà pọ̀, mo sì pín in. Ohun tí mo ṣe gan-an ni pé mo kó gbogbo ojúsàájú àtẹ̀yìnwá jọ, mo fi rúlà yí i ká, mo sọ ọ́ ní ètò. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: "Òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ bá òṣìṣẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀ owó rẹ̀." Mo ro ara mi ní amòfin.

Kò pẹ́, ọmọ Alàgbà bímọ sí Dallas, Alàgbà sì lọ bá wọn tọ́jú ọmọ. A gba ọmọbìnrin kan rọ́pò rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Yunifásítì Houston. Àga kan náà ló jókòó sí, tẹlifóònù kan náà ló ń gbé, wàhálà aago márùn-ún àárọ̀ kan náà ló jogún. Mo wojú rẹ̀, mo rí ọmọdé. Ìpele kẹta. Dọ́là 57,000 ni Alàgbà ń gbà lọ́dún, mo kọ 44,000 fún òun.

Lọ́jọ́ kan ó kanlẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ọmọ tó kúnlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ yẹ kó bà mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, ìbéèrè méjì péré ni. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sísàlẹ̀ ìwé yìí, ṣé ẹ mọ̀ pé òfin àpapọ̀ láti 1935 gba òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ọ̀gá láyè láti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ owó? Bí ẹ ṣe kọ ọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ náà, ẹ kò tíì fìyà jẹ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, sà."

Mo ní n óò yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ìkejì, sà. Àwọn tí a jọ ń sọ̀rọ̀ ti sọ iye tí Alàgbà ń gbà fún mi. Òfin 1963 ní bí ọkùnrin àti obìnrin bá ń ṣe iṣẹ́ tó dọ́gba níbì kan náà, owó wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba, àfi bí ìyàtọ̀ bá ti ara pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wá, tàbí ìwọ̀n bí ẹni náà ṣe ṣe dáadáa tó, tàbí iye iṣẹ́ tó parí, tàbí nǹkan mìíràn tí kò jẹ mọ́ pé ó jẹ́ akọ tàbí abo. Jíjẹ́ alàgbà nínú ìjọ, èwo ló wà níbẹ̀, sà?"

Mo ní kó jókòó. Ó ní kò sí wàhálà, òun máa dúró. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí Màmá fi gbọ́.

"Bàbá Ìbejì, ìpele mélòó ni àga yẹn?"

"Mà, bó bá jẹ́ Alàgbà ló jókòó síbẹ̀..."

"N kò béèrè ẹni tó jókòó."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ti òfin lọ. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí mo ń gbé lábẹ́ rẹ̀ ní àkàbà tirẹ̀, ìpele 15 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àtẹ̀gùn mẹ́wàá. Lórí ìwé iṣẹ́ ni wọ́n ti máa ń kọ ìpele, kí wọ́n tó mọ ẹni tó máa wá ṣe é. Ẹni tó bá wá, àtẹ̀gùn inú ìpele ló ń gùn bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ọjọ́ orí Alàgbà àti ìrírí rẹ̀ ì bá ti rí ibi gbà nínú ààlà owó, láàrin ìsàlẹ̀ àti òkè. Èmi ni mo lọ fi wọ́n ṣe ìpele.

Màmá yan ìgbìmọ̀: olórí nọ́ọ̀sì, akáǹtáǹtì wa, àti olùtọ́jú kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni akọ̀wé, mo sì rí i pé ipò mi ti ń rẹlẹ̀. A kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sórí káàdì, láìsí orúkọ. A ń fún un ní máàkì lórí ọgọ́rùn-ún: 40 fún ìmọ̀ tí iṣẹ́ náà ń béèrè, 30 fún ìpinnu tí ẹni náà ń dá ṣe àti jàm̀bá tó lè bá àṣìṣe rìn, 20 fún èèyàn àti owó tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, 10 fún wàhálà ara àti ewu. Nígbà tó kan káàdì ẹni tó ń pín ṣíìfù, olùtọ́jú yẹn béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹni tó yẹ kó wá gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì kò bá dé láàárọ̀ nítorí pé wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbòmíràn. Gbogbo wa dákẹ́, a sì fi máàkì sí i. Iṣẹ́ náà bọ́ sí ìpele karùn-ún, nísàlẹ̀ ibi tí mo gbé Alàgbà sí, lókè ibi tí mo ti ọmọbìnrin náà mọ́.

Ní ti àárín ààlà, akáǹtáǹtì kò fẹ́ rí ìṣirò mi. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ka owó òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà máa ń gbé iye tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń mú wọlé jáde, Houston àti àyíká rẹ̀ sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tó bọ́ sí agbedeméjì ni a mú. Oṣù Karùn-ún ọdún tó ti kọjá ni iye ọ̀hún máa ń dúró lé, nítorí náà a ní láti sún un síwájú díẹ̀ kó lè bá ọjà òní mu. Ti ìpele karùn-ún jẹ́ dọ́là 50,000.

Ó wá ku káàdì kan, "Mánéjà Ètò Òṣìṣẹ́". Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Èèyàn mélòó ló wà lábẹ́ iṣẹ́ yìí? Kò sí. Ta ló ń bọwọ́ lu sọ̀wédowó? Màmá. Bí iṣẹ́ yìí bá dúró fún ọjọ́ méjì, aláìsàn wo ló máa jìyà? Mo ní ètò á dàrú. Olùtọ́jú yẹn ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Ìbejì, ṣé kì í ṣe pé ó ti dàrú tẹ́lẹ̀?" Ìpele karùn-ún, èmi àti ọmọ tó kúnlẹ̀.

Dọ́là 64,000 ni mo ń gbà. Mo sáré wo òkè ààlà náà. Màmá ti ní kí òkè fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ìsàlẹ̀ lọ. Èmi ti yọ ìdá 20 kúrò nínú àárín, mo ti fi ìdá 20 kún un, mo sì rí 40,000 sí 60,000. Akáǹtáǹtì ní kí n fi 60,000 wé 40,000. Ìdajì ló fi jù ú lọ, ìdá 50 nìyẹn. Bó bá jẹ́ 40 ni a fẹ́, a ní láti fi 1.2 pín 50,000, kí ìsàlẹ̀ tó jáde ní 41,667, kí òkè sì jẹ́ 58,333. Ìṣirò tèmi ni kò tọ̀nà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mo jà fún un fún bí ìdajì wákàtí, nítorí pé dọ́là 4,000 ni mo fi ré kọjá ààlà nínú tèmi, 5,667 nínú tiwọn.

Wọ́n gbé ọmọbìnrin náà dé 50,000. Ọdún tí Alàgbà ti lò lórí àga yẹn ló kù láàrin wọn, ó sì wà lákọsílẹ̀. Àwọn olùtọ́jú tí owó wọn kò dé ìsàlẹ̀ ìpele wọn rí àfikún lẹ́ẹ̀mejì, torí iye tí ìjọba ń san fún ìtọ́jú aláìní kì í yí padà nítorí tiwa, Màmá kò sì lè san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní tèmi, wọn kò gé owó mi. Wọ́n dì í síbi tó wà. Bí àfikún ọdún bá dé, owó ọwọ́ kan ni wọ́n á fún mi, kò ní wọ owó iṣẹ́ mi, títí ààlà á fi lé mi bá. Mo ti ṣírò rẹ̀. Bí ààlà bá ń fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lọ́dọọdún, 63,742 ni yóò dé lọ́dún kẹta. Ó di ọdún kẹrin.

Èmi ni mo sì ń tẹ lẹ́tà owó fún gbogbo òṣìṣẹ́. Nísàlẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ìlà méjì ló wà fún ìbọwọ́lùwé, ọ̀kan fún òṣìṣẹ́ tó gbà pé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ yé òun, ìkejì fún Mánéjà Ètò Òṣìṣẹ́ tó ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Lórí tèmi, mo bọwọ́ lu méjèèjì.