Abẹ́rẹ́ Tó Mọ Jíìnsì Kò Mọ Ṣífọ́ọ̀nù

Ṣòkòtò jíìnsì kan ló kó mi sí wàhálà. Ó ti pẹ́ lára mi débi pé orúnkún rẹ̀ ti já, àpò rẹ̀ ti lu, síbẹ̀ ibi tí wọ́n ti rán itan rẹ̀ pọ̀ kò mì. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ìlà òwú méjì ló tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sì sí etí aṣọ kankan tó yọjú, ìbáà jẹ́ níta tàbí nínú. Mo ní ó tán, ọwọ́ mi ti ba àṣírí iṣẹ́ télọ̀. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni mí ní Òkè-Ìléwó nígbà náà o, ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo jogún lọ́wọ́ ìyá mi ni mo fi ń ṣeré ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ju ti ẹni tó ti ṣe fírídọ̀mù lọ.

Ohun tó jẹ́ kí orí mi wú ni pé aṣọ tí mo kọ́kọ́ dán an wò lára rẹ̀ gbà á. Kámpálà ni, òwú gidi, láti Ìtòkú. Màá kó ẹ̀yìn aṣọ méjèèjì kọ ara wọn, màá rán an ní 5/8 ínṣì sí etí, màá sì rẹ́ etí ọ̀kan kù sí 1/8 ínṣì. Màá wá ká èyí tó gùn bò ó mọ́lẹ̀, màá fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ pa, kí n tó fa ìlà òwú kejì sí ibi tí mo ká. Bí a ṣe ń rán àtẹ̀mọ́lẹ̀ nìyẹn. Kámpálà kì í yọ̀ lọ́wọ́, bí a bá ká a, ó ká. Bí a bá lọ̀ ọ́, ó gbọ́. Ṣòkòtò tí mo fi rán mọ́ nínú bó ṣe mọ́ lóde.

Àfi ní agbede méjì itan, níbi tí gbogbo ojú rírán ti pàdé. Bí ojú àtẹ̀mọ́lẹ̀ kan bá gba orí òmíràn kọjá, ìpele kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin ló tún jẹ́ ìpele mẹ́rin, ohun tí abẹ́rẹ́ máa gún níbẹ̀ sì lè di ìpele 16. Èmi kò mọ̀, mo tẹ ẹ̀rọ lọ rààrà. Abẹ́rẹ́ ṣẹ́, ṣóńṣó rẹ̀ fò kọjá létí mi, mo sì sá kúrò nídìí ẹ̀rọ bí ẹni pé ẹnì kan ló ń yìnbọn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ fi òòlù lu kókó náà títí á fi pẹlẹbẹ, á sì fọwọ́ yí àgbá ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Èmi ra abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16, mo fi agídí parí rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16 yẹn ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ nígbà tí Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, gbé ṣífọ́ọ̀nù wá. Ìsọmọlórúkọ kan ń bọ̀ ní Ìbarà, wọ́n fẹ́ búbá tó máa dúró dáadáa lára, tí kò ní fẹ̀ gbàgà. Wọ́n ní, "Ṣé o lè rán an? Aṣọ olówó iyebíye ni o." Mo ní, "Àǹtí, bí mo bá rán an tán, ẹ ó fi ṣe ogún fún ọmọ yín ni." Mo tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi jíìnsì, mo sì fi ìgúnlẹ̀ gígùn fà á, nítorí mo rí i pé bẹ́ẹ̀ ni ti jíìnsì ṣe rí.

Níbi tí Àǹtí ti nawọ́ láti gba ọmọ tuntun ni ẹ̀yìn búbá náà ti là. Kò dún fàà. Ó kàn ń ṣí díẹ̀díẹ̀, ara abẹ́ aṣọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn wọn fi ìborùn rẹ̀ bò wọ́n láìsọ ohunkóhun. Nígbà tí Àǹtí délé, tí mo wo ibi tó là, ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu: òwú mi kò já! Ó wà níbẹ̀ gbọnrangandan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Aṣọ ló sá fún un.

Mo gbé búbá náà àti ṣòkòtò jíìnsì mi, mo forí lé ṣọ́ọ̀bù bàbá télọ̀ kan tó wà ní òdìkejì títì wa. Bàbá kò kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Wọ́n mú abẹ, wọ́n gé itan jíìnsì mi ní ìbú kọjá lójú rírán, wọ́n sì gbé ẹnu ibi tí wọ́n gé sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Wò ó." Etí aṣọ ọ̀tún ká, ti òsì náà ká, wọ́n sì kọ́ ara wọn bí ìka ọwọ́ méjì tó há sínú ara wọn. Ìlà òwú méjèèjì gba gbogbo ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá. Bàbá ní ẹ̀rọ kan wà ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán jíìnsì tó ní apá gígùn, tí aṣọ ń gorí rẹ̀ kọjá, irin kan ló ń ká etí méjèèjì fún un, abẹ́rẹ́ méjì sì ń gún un lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n wá tú tèmi. Níta, ìlà méjì ni tèmi náà. Ṣùgbọ́n etí tí mo rẹ́ kù sí 1/8 ínṣì kò ká mọ́ nǹkan kan. Ìlà kejì kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí pé iwájú ibẹ̀ ni mo fa ìyẹn sí. Ìlà kan ṣoṣo ló di ẹ̀gbẹ́ yẹn mú, 1/8 ínṣì aṣọ sì ni gbogbo ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀. Kámpálà lè fara da èyí nítorí pé fọ́nrán rẹ̀ há mọ́ra, ó sì rí gárúgárú. Fọ́nrán ṣífọ́ọ̀nù ń dán, ó sì jìnnà síra. Bí a bá fà á, ńṣe ló ń yọ̀ kúrò lábẹ́ òwú, tí òwú á sì wà níbẹ̀. Ìgúnlẹ̀ gígùn tí mo lò tún fún un láyè, ihò tí nọ́ńbà 16 sì lu fẹ̀ tó ojú àjà. Bàbá fi àtàǹpàkò méjèèjì di aṣọ náà mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì ojú rírán, wọ́n fà á díẹ̀, a sì ń wo bí ojú náà ṣe ń ṣí. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ rán ṣífọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ rán ègé kan kó sì fà á báyìí kó tó fi sísọ́ọ̀sì kan odindi. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun." Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?" Mo dákẹ́.

Fúrẹ́ǹṣì ni wọ́n kọ́ mi. A tún máa kó ẹ̀yìn aṣọ kọ ara wọn, a ó rán an ní 3/8 ínṣì, a ó sì rẹ́ etí méjèèjì kù sí 1/8. A ó wá yí aṣọ padà kí ojú rẹ̀ kọ ara wọn, a ó lọ̀ ọ́, a ó sì tún un rán ní 1/4 ínṣì sí ibi tó ká. Etí jágajàga ti wọ inú àpò tóóró kan báyìí. Aṣọ tó ká, tó tó 1/4 ínṣì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ló wà lẹ́yìn ìlà tó ń ru ẹrù, kì í ṣe 1/8 ínṣì tí etí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 9 tàbí 11 la fi ń rán an, ìgúnlẹ̀ rẹ̀ sì máa ń kúrú. Bàbá kò sì fi pa mọ́ fún mi pé bí búbá bá fún mọ́ èèyàn lára, ṣífọ́ọ̀nù ṣì máa yọ̀, fúrẹ́ǹṣì tàbí ohun yòówù kó jẹ́. Àfi kí a dá a fẹ̀, tàbí kí a fi láínìn sí i kí ìyẹn máa ru ẹrù náà.

Mo ra ṣífọ́ọ̀nù mìíràn lówó ara mi. Nítorí ìkánjú, n kò rẹ́ etí rẹ̀ dáadáa, ni irùngbọ̀n fọ́nrán bá yọ síta lójú aṣọ láti apá dé ìbàdí. Ilẹ̀ mọ́ bá mi lórí yíyọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ nígbà tí mo parí rẹ̀, ẹ lè wọ inú rẹ̀ síta kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Àǹtí dárí jì mí.

Nígbà tó yá, Àǹtí sanra. Wọ́n gbé búbá padà wá: "Tú u fún mi díẹ̀." N kò mọ ohun tí mo lè wí. Ìdí tí àwọn télọ̀ wa fi ń rán ojú kan ṣoṣo, tí wọ́n á fi wíífìn sí etí rẹ̀, tí wọ́n á sì fi ínṣì kan sílẹ̀ nínú, ni pé wọ́n mọ̀ pé oníbàárà máa padà wá pẹ̀lú ara tó ti kún. Fúrẹ́ǹṣì àti àtẹ̀mọ́lẹ̀ ti gé àyè yẹn dà nù. Mo ní láti la abẹ́ apá, kí n sì fi ègé sátíìnì pupa kún un. Àǹtí ní sítáì ni. Ọ̀rẹ́ wọn méjì ti wá bi mí iye tí mo ń rán an.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wéskóòtù aṣọ-òkè ni mo fẹ́ sọ. Àna mi ọkùnrin ló fẹ́ wọ̀ ọ́ síbi ìgbéyàwó, aláwọ̀ funfun rẹ́súrẹ́sú. Aṣọ-òkè kì í dà wá láàmú níwọ̀n ìgbà tí a kò bá gé e. Etí tí ahunṣọ ti pa fún un la máa ń rán pọ̀, ojú kan ṣoṣo sì tó o, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń so ọ̀pá méjì ààbọ̀ adìrẹ mọ́ ọ̀pá méjì ààbọ̀ ní etí láti fi ṣe ìró. Ọjọ́ tí a bá gé e ní ìbú ni ìjàngbọ̀n dé, torí fọ́nrán á máa jábọ́ sílẹ̀ ni. Mo dán fúrẹ́ǹṣì wò lára àjákù rẹ̀, ó ki débi pé kò ṣeé tẹ̀. Báyáàsì ló kù: kí a fi aṣọ tín-ín-rín di etí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí a sì la ojú rírán sí méjì kó pẹlẹbẹ. Kì í fi agbára kún aṣọ, torí ìlà kan ṣoṣo ló ṣì ń dì í mú. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí etí tú, ó sì ń jẹ́ kí ínṣì kan wà nínú fún ọjọ́ tí ara bá kún.

Mo gé báyáàsì tèmi ní gígùn aṣọ, kì í ṣe ní ẹ̀gẹ́, ló bá kọ̀ láti tẹ̀ lé bí ihò apá ṣe ká, ó wú gudugudu. Mo tú u, mo wá gé e ní ẹ̀gẹ́ bó ṣe yẹ, ní fífẹ̀ ínṣì kan àti 1/4, èyí sì tẹ̀ lé ihò apá láìjanpata. Ó dùn mọ́ mi débi pé n kò ronú lórí ohun tí mo gé e lára rẹ̀: àjákù adìrẹ aláró, tuntun, tí omi kò tíì kàn rí. Ì bá ṣe pé mo fi àkísà funfun tútù nu ún lẹ́ẹ̀kan péré, aró ì bá ti sọ fún mi.

Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà. Àna mi jó, ó làágùn, aró sì jáde. Nígbà tí wọ́n ń náwó fún ìyàwó, gbogbo ènìyàn gbé ọwọ́ sókè, òun nìkan ló ń náwó láti ìbàdí, apá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìhà. Mo ti fi tééru funfun tí mo ti fọ̀ pààrọ̀ báyáàsì náà láti ìgbà yẹn, ojú rírán sì wà dáadáa. Aró kò kúrò. Agbádá ló ń wọ̀ lé e báyìí, tó bá sì rí mi níbi ayẹyẹ, á kọ́kọ́ fa etí agbádá náà bo abẹ́ apá kó tó kí mi.