Bí Ọ̀gá Ṣe Máa Fọwọ́ Sí Líìfù Láìmira

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Èmi ni mò ń tọ́jú ìwé owó ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Àbúrò mi obìnrin ń ṣègbéyàwó ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 24 oṣù Kìn-ín-ní tó ń bọ̀ yìí. Ìdána jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, èmi ni mo sì ń pín aṣọ ẹbí. Mo kọ̀wé sí ọ̀gá wa pé mo fẹ́ líìfù ọ̀sẹ̀ méjì, láti ọjọ́ 19 títí di ọjọ́ 30. Mo bẹ̀bẹ̀ débi tó yẹ. Mo ní ó ti rẹ̀ mí, mo ní mi ò sinmi látọdún, mo tún fi àdúrà parí rẹ̀. Ó dáhùn pé, "A ó rí i." Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ṣe ló ń yà sí ilé ìtọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Aláṣọ Ẹbí, Ìkẹjà

Àbúrò mi, o kú ìnáwó o. Ọlọ́run á jẹ́ kí a ṣe é láyọ̀. Ṣé o mọ̀ pé "a ó rí i" tí ọ̀gá sọ yẹn, kò sí nǹkan kan tó fẹ́ rí níbẹ̀? Ṣùgbọ́n má tíì ṣépè fún un. Kọ́kọ́ jókòó sórí àga tirẹ̀ ná, nínú ọkàn rẹ o, kí wọ́n má baà lé ọ.

Níbi tó jókòó sí, oṣù Kìn-ín-ní kì í ṣe oṣù ìgbéyàwó rárá. Owó-orí tí ẹ yọ lára owó-oṣù òṣìṣẹ́ nínú oṣù Kejìlá gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ìjọba kí ọjọ́ 10 tó kọjá. Owó-orí ọjà ní ọjọ́ 21. Fọ́ọ̀mù H1, tó máa kó orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ jọ pẹ̀lú ohun tí wọ́n gbà lọ́dún tó kọjá àti owó-orí tí ẹ yọ lára rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 31. Láàárín ìyẹn, owó-oṣù tuntun gbọ́dọ̀ jáde, àwọn ọ́díítọ̀ sì ti ń kanlẹ̀kùn. Lójú gbogbo èyí ni o wá kọ lẹ́tà nípa àárẹ̀ rẹ. Ó káàánú rẹ, mo mọ̀. Àmọ́ bó ṣe ń kà á lọ, ẹnì kan ṣoṣo ló ń rí tí yóò jókòó ti H1 lálẹ́ ọjọ́ 30, òun fúnra rẹ̀ ni.

Nítorí náà, èyí ni ọgbọ́n àrékérekè tí mo fẹ́ kọ́ ọ: kọ lẹ́tà tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ kọ̀, òun ló máa ní láti ronú; bó bá fẹ́ gbà, kó kàn sọ pé "ó dáa." Ọ̀gá tó ti rẹ̀ kì í fẹ́ ronú.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ọ̀sẹ̀ méjì yẹn pọ̀. Jẹ́ ká sòótọ́, ọjọ́ wo gan-an ni Abẹ́òkúta nílò rẹ? Ọjọ́bọ̀ kí o lè lọ pín aṣọ tó kù kí o sì bá télọ̀ jà, Ẹtì fún ìdána, Àbámẹ́ta fún ìgbéyàwó, Àìkú fún ìdúpẹ́. Ajé àti Ìṣẹ́gun fún ẹsẹ̀ tó wú. Láti ọjọ́ 22 sí ọjọ́ 27 nìyẹn, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin péré ló sì wà níbẹ̀. Ohun tó ń dẹ́rù ba ọ̀gá rẹ tẹ́lẹ̀ jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá. Wo ọjọ́ tí mo mú dáadáa: o ń lọ lẹ́yìn tí owó-orí ọjà ti wọlé, o sì ń padà lọ́jọ́ 28, tó ṣì ku ọjọ́ mẹ́ta kí H1 tó pé. Ọjọ́ 31 bọ́ sí Àbámẹ́ta, torí náà Ẹtì ọjọ́ 30 ni kí o kà sí òpin. Ọjọ́ yòókù nínú líìfù rẹ, tọ́jú rẹ̀ di oṣù Kẹta.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ fún ọ pé kí o fi òfin halẹ̀ mọ́ ọn. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ lóòótọ́ pé òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù 12 gbọ́dọ̀ gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀. Kò sọ pé òṣìṣẹ́ ni yóò mú ọ̀sẹ̀ tó wù ú. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ àbójútó àti iṣẹ́ ìmọ̀ tilẹ̀ lè má sí lára àwọn tí òfin yẹn ń bá wí; lẹ́tà tí wọ́n fi gbà ọ́ síṣẹ́ ni kí o lọ kà. Bí o bá sì ti kà á tán, dá a padà sínú dúrọ́ọ̀. Ọ̀gá tí wọ́n ka òfin fún lóṣù Kìn-ín-ní máa ń rántí rẹ̀ dé oṣù Kejìlá.

Lẹ́yìn èyí, kí o tó kọ ohunkóhun, ronú sí ohun tó lè bàjẹ́ gan-an. Nǹkan méjì ni.

Èkíní ni H1. Àròpọ̀ owó-orí tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá rìsíìtì oṣù méjèèjìlá mu. Kì í sábà bá a mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnì kan á ti fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù Kẹfà tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹlòmíràn á ti gba àfikún owó tí wọn ò yọ owó-orí rẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ 29 ni irú nǹkan báyìí máa ń yọjú, nígbà tí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ wà lójú agbo tó ń náwó. Bẹ̀rẹ̀ sí í fi oṣù kọ̀ọ̀kan wé rìsíìtì rẹ̀ láti ìsinsìnyí. Oṣù Kìn-ín-ní sí Kọkànlá ti wà nílẹ̀, ti oṣù Kejìlá nìkan ló kù. Bí iye kan kò bá bá a mu, kọ orúkọ ẹni tó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Èkejì ni owó-oṣù. Ìwọ lo ń tẹ orúkọ àti iye sínú ìkànnì báǹkì, ọ̀gá ló ń fọwọ́ sí i. Ṣé tókìn kékeré tó wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ yẹn ni o fẹ́ gbé lọ sí Abẹ́òkúta? Àwọn òṣìṣẹ́ tí owó wọn pẹ́ á fi orúkọ àbúrò rẹ gbàdúrà tí kò dáa. Má sì fi tókìn rẹ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ o. Bí náírà kan bá sọnù, orúkọ rẹ ni wọ́n á bá níbẹ̀. Kí ilé-iṣẹ́ kọ lẹ́tà sí báǹkì kí wọ́n fi ẹnìkejì rẹ níbi iṣẹ́ kún àwọn tó lè tẹ owó wọlé, kí òun náà ní tókìn tirẹ̀. Báǹkì kì í ṣe irú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìdí sì nìyí tí lẹ́tà líìfù rẹ fi gbọ́dọ̀ jáde kí Kérésì tó dé.

Wàyí o, lọ bá ẹnìkejì rẹ kí o tó bá ọ̀gá. Ra ẹran súyà dání. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà líìfù ló ti kú nítorí pé ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ẹnu ọ̀gá ló ti kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà, kọ ọ́ báyìí, kí o sì fi èdè tí ẹ ń sọ ní ọ̀fíìsì yín gbé e kalẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ń tọrọ líìfù ọjọ́ mẹ́rin, láti Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 22 sí Ìṣẹ́gun ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní, fún ìgbéyàwó àbúrò mi. Ọjọ́ 28 ni n ó padà. Èyí rọ́pò ọ̀sẹ̀ méjì tí mo kọ́kọ́ béèrè.

"Mo mọ̀ pé àkókò náà há. Owó-orí ọjà yóò ti wọlé lọ́jọ́ 16. H1 yóò wà lórí tábìlì yín lọ́jọ́ 20, pẹ̀lú rìsíìtì oṣù méjèèjìlá, kí ẹ lè bi mí ní ìbéèrè kí n tó lọ. Bí mo bá dé, n ó fi í ránṣẹ́ lọ́jọ́ 29. Ẹnìkejì mi ti gbà láti tẹ owó-oṣù wọlé lọ́jọ́ 27 kó lè jáde lọ́jọ́ 28. Lẹ́tà tí báǹkì nílò wà lábẹ́ ìwé yìí, ọwọ́ yín nìkan ló kù. Lọ́jọ́ Ajé, n ó gbé fóònù láti aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá àárọ̀.

"Bí ọjọ́ mẹ́rin bá pọ̀, mo lè padà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí mo bá gbọ́ lẹ́nu yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, a ó lè tètè dé báǹkì."

Ṣé o rí i? Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kò ju gbólóhùn kan lọ. Kò sí àárẹ̀, kò sí omijé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo ní kí o fi sílẹ̀ yẹn wà níbẹ̀ kó lè rí nǹkan gé. Ọ̀gá tó bá ti gé nǹkan kan, ara rẹ̀ á balẹ̀. Orúkọ ẹnìkejì rẹ gan-an ni kí o kọ, má kọ "àwọn ẹlẹgbẹ́ mi", nítorí ẹni tí kò lórúkọ kò ní wá síṣẹ́. Má fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, má sì fi ránṣẹ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níwájú ọ̀gá àgbà. Wò ó kó ti jẹun ọ̀sán.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ìyá àgbà mi ti kú lẹ́ẹ̀mejì ní ilé-iṣẹ́ wa. Mo fẹ́ gba líìfù lọ́sẹ̀ tí iṣẹ́ pọ̀ jù lọ. Ṣé mo lè lo bàbá àgbà?

Ọmọ Olókùú, Ìbàdàn

Ọmọ Olókùú, jẹ́ kí bàbá sinmi, pàápàá bó bá ṣì wà láyé. Fáìlì rẹ ń bẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, wọ́n sì lè ka òkú. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà ọ́ gbọ́, ìyẹn ló burú jù: àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ á dá owó, wọ́n á kó sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á wá kí ọ nílé, bàbá náà ló sì máa ṣílẹ̀kùn. Kọ "ọ̀rọ̀ ara ẹni" kí o dákẹ́, lẹ́yìn náà kí o sọ ẹni tó máa gba iṣẹ́ rẹ. Ìdí kì í wúlò tó bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀gá tó bá ti mọ ẹni tó máa dí àyè.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀fíìsì,

Ọ̀gá ni mí. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló fẹ́ ọ̀sẹ̀ kan náà, lẹ́tà wọn sì dùn bí ẹni pé ẹnì kan ló ń kọ́ wọn. Kí ni kí n ṣe?

Agara Dá Mi, Yábàá

Ẹ kú ìfaradà, sà. N kò mọ ẹni tó ń kọ́ wọn. Ẹ lẹ kàlẹ́ńdà mọ́ ògiri láti oṣù Kẹwàá, kí ẹ fi pupa fa ilà sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lọ, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ orúkọ sí ọ̀sẹ̀ yòókù ni ín. Àwọn méjì tó bá kù, ẹ sọ ọjọ́ tó ń há yín mọ́ra fún wọn ní pàtó, kí ẹ sì fún wọn ní ọjọ́ mìíràn kí wọ́n tó kúrò níwájú yín. Bí wọ́n bá lọ lọ́wọ́ òfo, èmi ni wọ́n máa kọ̀wé sí, ẹ̀yin náà sì ti ka irú ìmọ̀ràn tí mò ń fún wọn.