Jọ̀lọ́ọ̀fù Kì Í Ṣe Owó Orí

Àìsàn kan ń bá àwọn ọ̀dọ́ Èkó fínra tí wọn kì í gbé lọ sílé ìwòsàn. Kì í mú wọn nílé, kì í mú wọn níbi iṣẹ́. Ìgbà tí agbáwo bá gbé ìwé dúdú pelebe kan lé orí tábìlì, níwájú ọkùnrin àti obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ara wọn, ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ojú ọkùnrin á yà síbi tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri, bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń gbá níbẹ̀. Obìnrin á ki ọwọ́ bọ báàgì, á máa wá ohun tí kò sọ nù. Àwárí yìí kì í lópin, àfi ìgbà tí ẹ̀rọ pí-ó-ẹ́sì bá dún pé owó ti wọlé. Ìgbà náà lohun tó ń wá á yọjú: lípúsítíìkì ni.

Ẹgbẹ́ méjì ló ń jà lórí ọ̀rọ̀ bíìlì yìí. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ni Ọkùnrin-Ni-Yóò-San. Àṣà ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Wọ́n á ní láyé àtijọ́, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́yàwó ní láti kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, kí wọ́n lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna, kí wọ́n kọbè, kí wọ́n tún òrùlé bàbá ìyàwó ṣe. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀ oko yẹn, alárinà ti lọ, alárinà ti bọ̀, àwọn ẹbí ti wádìí ara wọn, wọ́n sì ti gbà. Kò sí bàbá arúgbó kan tó lọ kọ ọgọ́rùn-ún ebè fún ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ bàbá rẹ̀, tó jẹ́ pé àwòrán orí fóònù ló fi mọ̀ ọ́n.

Ẹgbẹ́ kejì ni Ká-Pín-In-Sọ́gbọọgba. Ẹnu àwọn wọ̀nyí dùn ju oyin lọ. Wọ́n á ní ayé ti dọ̀gba, ọkùnrin ò ju obìnrin lọ. Ṣùgbọ́n ẹ máa ṣọ́ wọn dáadáa. Ọ̀gbẹ́ni á jẹ àsun tán, á jẹ ẹja àrọ̀ lé e, á mu ìgò mẹ́ta, á wá yíjú sí ọmọ ọlọ́mọ tó jẹ sàláàdì tó sì mu omi, á ní kí wọ́n dá a sí méjì. Ìdọ́gba tó sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, tó jẹ́ pé bíìlì ló jí i, òun nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń rí gan-an. Ẹ jẹ́ ká pe ọkùnrin náà ní Àkànbí, ká pe obìnrin náà ní Àbẹ̀kẹ́. Àkànbí ló kọ̀wé ránṣẹ́ sí Àbẹ̀kẹ́ pé kí àwọn jọ jẹun ní Ìkẹjà lọ́jọ́ Sátidé. Òun ló mú ibẹ̀. Ó ti ya ọ̀kẹ́ méjì náìrà, ìyẹn 40,000, sọ́tọ̀ fún un. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣí mẹ́nù, orúkọ Àkànbí sì yí padà lójú ẹsẹ̀: kó tó di pé wọ́n rí iye owó, “Àkànbí” ni Àbẹ̀kẹ́ ń pè é, lẹ́yìn tó rí iye àsun, ó di “Bọ̀ọ̀dá mi.” Nígbà tí ẹ bá gbọ́ oyè tí ẹ kò jẹ, ẹ tètè fọwọ́ kan àpò yín.

Wọ́n pàṣẹ. Àwo jọ̀lọ́ọ̀fù elédìẹ méjì, 9,500 náìrà lọ́kọ̀ọ̀kan, 19,000 nìyẹn. Àsun àwo kan, 7,000. Omi ọsàn méjì, 4,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, 8,000 ni. Ike omi méjì, 2,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 36,000. Àkànbí ti ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn bí agbáwo ṣe ń kọ ọ́, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀: 4,000 ṣẹ́ kù, owó ọkọ̀ ti wà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó tiẹ̀ dá àpárá kan.

Bíìlì dé, ó jẹ́ 44,100.

Àkànbí wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tàwọn tábìlì kejì ló ṣèèṣì wá. Kò ṣèèṣì. Nísàlẹ̀ mẹ́nù, wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní pé owó orí àti owó ìtọ́jú kò sí nínú iye yìí. Olóúnjẹ fi ìdá mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún kún un fún iṣẹ́ àwọn tó gbé oúnjẹ wá: 3,600. Òfin kọ́ ló ní kó gbà á, òun ló wù. Owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní fáàtì, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di 7.5 lórí ọgọ́rùn-ún láti oṣù Kejì ọdún 2020, mú 2,700. Owó orí oúnjẹ àti ilé ìtura tí ìjọba Èkó fi lélẹ̀ lọ́dún 2009, márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún, mú 1,800. Àfikún 8,100 náìrà nìyẹn lórí oúnjẹ tí wọ́n ti jẹ tán. Bẹ́ẹ̀, 70,000 náìrà lóṣù ni owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí láti ọdún 2024. Oúnjẹ alẹ́ kan ti jẹ ju ìdajì owó oṣù òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ, Àkànbí kò sì tíì délé.

Àkànbí fi káàdì sí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní owó kò tó. Kí ni ọmọkùnrin wa wí? Ó ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń bú nẹ́tíwọ̀kì orílẹ̀-èdè yìí láìṣẹ̀! Ó jáde síta bí ẹni tó ń wá nẹ́tíwọ̀kì lórí igi, ó pe ọ̀rẹ́ kìíní, kò gbé e. Ó pe ọ̀rẹ́ kejì, ìyẹn ní kó jẹ́ kí òun pè é padà. Nínú ilé, 60,000 wà ní àkáǹtì Àbẹ̀kẹ́, ó sì ń wo yìnyín tó ń yọ́ nínú ife. Kì í ṣe ìkà. Ó rò pé bí òun bá sọ pé òun fẹ́ san, ńṣe lòun já ọmọkùnrin náà sí ìhòòhò. Ọmọkùnrin náà sì rò pé bí òun bá bèèrè, òun ti di ẹni yẹ̀yẹ́. Nítorí 4,100 náìrà, àgbàlagbà méjì ń ṣe bí ẹni tó jalè.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá gba àwọn méjèèjì là: “Àbẹ̀kẹ́, iye yìí ju ohun tí mo mú wá lọ, ó ku ẹgbàajì lé ọgọ́rùn-ún. Jọ̀ọ́, bá mi fi kún un, màá fi ránṣẹ́ sí ọ lọ́la.” Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, nẹ́tíwọ̀kì kì í yọ nǹkan kan. Bí obìnrin bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó sì fi ṣẹ̀sín, owó kékeré ni wọ́n fi mọ ìwà rẹ̀ yẹn, ó sàn ju kí wọ́n fi aṣọ ẹbí mọ̀ ọ́n lọ.

Ìdájọ́ tèmi lórí ọ̀ràn yìí kò le. Ẹni tó pe ni ni yóò san. Òun ló mọ ibi tí wọ́n ń lọ, òun ló mú un, òun ló lè wo mẹ́nù tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ obìnrin ló pè, obìnrin ni yóò san, kò sì gbọ́dọ̀ san án pẹ̀lú ojú ẹni tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Kí ẹni tó fẹ́ pín in tètè sọ ọ́ nígbà ìpè, pé “ká jọ lọ jẹun, kí oníkálukú gbọ́ tiẹ̀”. Kó má dúró dìgbà tí egungun adìẹ bá ti wà lórí àwo. Kí ẹni tó ń pè fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún iye tó bá rí nínú mẹ́nù. Ká ní Àkànbí ṣe bẹ́ẹ̀ ni, 36,000 ì bá di 45,000, ì bá sì ti mọ̀ pé òun ò tó o, ì bá mú ọmọ náà lọ jẹ àmàlà àti gbẹ̀gìrì níbi tí wọn kì í ti gbowó lọ́wọ́ ẹni nítorí iná aláwọ̀ àlùkò. Ṣe bóo ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ní ìpàdé kejì, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lálejò náà á ní, “Ó yá, èmi ni mo ń pè ọ́ lọ́tẹ̀ yìí.” Bí kò bá sọ ọ́ títí di ìpàdé karùn-ún, ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yẹn wọ̀ yín létí.

Mo mọ̀ pé àwọn ọkùnrin ti ń pàtẹ́wọ́. Ẹ dúró ná, mo fẹ́ bá àwọn obìnrin kan sọ̀rọ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ìwọ tí wọ́n pè nìkan tóo mú ọ̀rẹ́ méjì dání, ṣé ìpàdé ẹgbẹ́ ni? Ìwọ tóo jẹun tán tóo ní kí wọ́n di ṣáwámà mẹ́ta fún àwọn àbúrò ẹ nílé, ṣé ọmọkùnrin náà ti dẹnu ìfẹ́ kọ gbogbo ilé yín ni? Ìwọ tóo gba owó ọkọ̀ láti Ìkòròdú, tóo pa fóònù, tó jẹ́ pé yàrá lo wà láti àárọ̀, àwọn onímọ́tò kan tiẹ̀ sàn jù ọ́ lọ, torí wọ́n máa ń gbé ni díẹ̀ kí mọ́tò tó kú. Ẹni tí wọ́n ń ṣe lálejò ń fi ojú wo ohun tí olùgbàlejò ń jẹ, òun náà á sì jẹ ní sàkáání rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ó kan ẹ̀yin ọkùnrin. Lẹ́yìn tí Àkànbí ti rí ìyókù owó oúnjẹ Sátidé san, Àbẹ̀kẹ́ kọ̀wé pé òun dúpẹ́, òun gbádùn ara òun, ṣùgbọ́n òun ò rò pé ọkàn àwọn pàdé. Ìwà dáadáa ni. Ó sọ ọ́ kíákíá, kò jẹ́ kó náwó lẹ́ẹ̀kejì. Èsì Àkànbí gùn tó ojú ìwé kan, ìparí rẹ̀ sì ni: “Lẹ́yìn gbogbo owó tí mo ná!” Níbi ìdána Yorùbá lóde òní, ojú gbogbo ayé ni ọ̀pọ̀ ẹbí ìyàwó ti ń gba owó orí, tí wọ́n sì ń dá a padà fún ẹbí ọkọ, pé àwọn ò ta ọmọ. Ẹbí tó tọ́ ọmọ láti ìkókó kọ owó. Àkànbí ra adìẹ kan, ó ní kí wọ́n kó ọmọ fún òun.

Bó bá sì jẹ́ pé owó tí a san ló ń sọ ẹni tó jẹ wá ní ìfẹ́, ẹ jẹ́ ká ka ìwé bíìlì náà bó ṣe wà. Olóúnjẹ gba 39,600. Ìjọba àpapọ̀ ń dúró de 2,700, ìjọba Èkó 1,800. Àbẹ̀kẹ́ kò gba kọ́bọ̀. Kí Àkànbí kọ́kọ́ lọ bèèrè lọ́wọ́ olóúnjẹ bóyá yóò sin òun délé. Bó bá kọ̀, kó kọjá sí Àlàúsà, kó sọ fún ìjọba pé lẹ́yìn gbogbo owó tí òun ná, wọn ò tiẹ̀ pe òun padà.