Kílò Ni Olè Ń Jí

Kí n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ara mi ni n óò kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ẹ gbé ìwé ìṣirò méjì lórí kajú kan náà síwájú mi, kí iye owó ẹrù tó kù nínú méjèèjì má bára mu, olè ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ màgàsín mú á di ọ̀daràn lójú mi kó tó kí mi tán. Bẹ́ẹ̀ ìwé méjì lè yàtọ̀ síra, kí ẹnikẹ́ni má jí ẹyọ kajú kan. Mo tiẹ̀ fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí owó ọjà bá ń gòkè, bí ọ̀nà ìṣirò méjì tó yàtọ̀ síra bá mú iye kan náà wá, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ara fu mi.

Ẹ jẹ́ ká fi oníṣòwò kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ń ra kajú káàkiri àwọn abúlé Bantè, tó ń kó o sí màgàsín ní Savalou. Láti nǹkan bí oṣù kejì ọdún ni kajú ti ń jábọ́ níbẹ̀, owó rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan títí àsìkò á fi parí. Èmi ni mo gbé àwọn iye wọ̀nyí kalẹ̀, kí ìṣirò lè rọrùn. Ó kọ́kọ́ ra 4,000 kílò ní 300 fránkì kílò kan. Owó gun òkè, ó ra 3,000 kílò ní 350, ó tún ra 3,000 mìíràn ní 450. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 10,000 kílò, owó tó jáde sì jẹ́ 3,600,000 fránkì. Ó ta 7,500 kílò, ó ku 2,500. Èló ni ká kọ sílẹ̀ fún èyí tó kù? Ẹni tó bá gba ọ̀nà àkọ́wọlé-làkọ́jáde á ní èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló ti kọ́kọ́ jáde, nítorí náà ara kajú tí wọ́n rà kẹ́yìn ló kù, ní 450 kílò kan: 1,125,000. Ẹni tó bá gba ọ̀nà ìpíndọ́gba á pín 3,600,000 sí 10,000, á rí 360, á sì kọ 900,000. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 225,000 fránkì, owó tó tó láti fi sọ ènìyàn sí àtìmọ́lé, bó bá jẹ́ pé èmi ni ọlọ́pàá.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi ti máa ń yọ̀ jù ni ìpíndọ́gba yẹn. Ọwọ́ mi á sáré lọ bá 300, 350 àti 450, n óò ro wọ́n pọ̀, n óò pín in sí mẹ́ta, n óò rí 366 fránkì àti díẹ̀, inú mi á sì dùn. Irọ́ gbáà ni. 4,000 kílò ni wọ́n rà ní 300, wọn ò ra ju 3,000 lọ ní 450, iye kílò ló sì yẹ kó sọ bí owó kọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó. Àṣìṣe náà kì í tètè hàn torí 366 kò jìnnà sí 360. Ohun tó máa ń tú àṣírí rẹ̀ ni pé owó kajú tí a tà àti owó èyí tó kù gbọ́dọ̀ padà di 3,600,000 tó jáde lápò. Àkọ́wọlé-làkọ́jáde pé: 2,475,000 àti 1,125,000. Ìpíndọ́gba tòótọ́ pé: 2,700,000 àti 900,000. Ti èmi lé ní 66,667 fránkì, owó tí ẹnikẹ́ni kò ná rí.

Ní ti olè, kílò ni olè ń jí, kì í jí ọ̀nà ìṣirò. Bí ìwé méjèèjì bá kọ 2,500 kílò, tí òṣùwọ̀n inú màgàsín náà sì sọ 2,500, kò sí olè kankan nínú 225,000 yẹn. Bí òṣùwọ̀n bá sọ 2,300, ìwé méjèèjì ni yóò jẹ 200 kílò, kì í ṣe ọ̀kan. Nígbà náà pàápàá, kajú tó wọlé ní tútù máa ń fúyẹ́ bó ṣe ń gbẹ, nítorí náà kí n ṣì fi ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú sílẹ̀ ná.

Ẹnìkan lè ní, “Ṣùgbọ́n àpò tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé, èyí tó dé kẹ́yìn sì ni!” Òótọ́ ni, àwọn mìíràn sì máa ń da tuntun pọ̀ mọ́ ti àtijọ́ níbi tí wọ́n ti ń sá a. Ìwé kò sọ pé òun ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ alábàárù. Bí owó ṣe ń jáde ló ń sọ. Òfin ìṣirò OHADA, tí Bẹ̀nẹ̀ àti orílẹ̀-èdè 16 mìíràn ń lò, tí ẹ̀dà rẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2018, fàyè gba ọ̀nà méjèèjì yìí fún ẹrù tí a kò lè yà sọ́tọ̀ ọ̀kan sí èkejì. Kò fàyè gba kí a ṣírò bíi pé èyí tó dé kẹ́yìn ló kọ́kọ́ jáde, ìbáà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àpò ṣe ń jáde lẹ́nu ọ̀nà.

Ìpíndọ́gba fúnra rẹ̀ ò tiẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ibẹ̀ sì ni àyẹ̀wò ti máa ń dorí kodò. Ká ní 5,000 kílò ti jáde kí ìrà kẹta tó wọlé. Ẹni tó ń pín in dọ́gba lẹ́yìn ìrà kọ̀ọ̀kan á ní 2,000 kílò tó kù ní nǹkan bí 321 fránkì, á pò ó mọ́ 3,000 tó dé ní 450, kílò kan á sì di nǹkan bí 398 àti àbọ̀. Lẹ́yìn tó bá ta 2,500 tó kẹ́yìn, ẹrù tó kù á jẹ́ 996,429 fránkì, kì í ṣe 900,000. Àkọ́wọlé-làkọ́jáde kò ní yí padà rárá, 1,125,000 náà ni. Nítorí náà, ẹni tó bá kàn kọ “ìpíndọ́gba” sórí ìwé kò tíì sọ ohun tí mo fi lè yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Mo gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó ń pín in, kí n sì rí ọjọ́ tí ìrà àti títà kọ̀ọ̀kan wáyé.

Ó tún ku iye tí ọjà fẹ́ san. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024, Bẹ̀nẹ̀ kò gbà kí wọ́n kó kajú tútù jáde mọ́, nítorí náà ilé-iṣẹ́ tó ń fọ́ kajú nínú ìlú ni oníṣòwò wa ń wojú. Bí wọ́n bá ń ra kílò kan ní 400 ní òpin ọdún, tí ọkọ̀ àti àrù sì máa gba 10, 390 ló máa wọ àpò rẹ̀. Ẹrù tí a kọ sí 450 gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí 390, ìyẹn 975,000. Èyí tí a kọ sí 360 kò ní mì. Ìyàtọ̀ tó jẹ́ 225,000 ti di 75,000, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kan àpò kan.

Àtakò tó ń dùn mọ́ àwọn oníṣòwò jù ni pé bọ́rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ènìyàn mú èyí tó fi èrè hàn kékeré, kí owó orí lè dínkù. Bó bá ta 7,500 kílò náà ní 420, èrè rẹ̀ kí ọjà tó já á wálẹ̀ jẹ́ 675,000 ní àkọ́wọlé-làkọ́jáde, 450,000 ní ìpíndọ́gba. Ó wuni. Ṣùgbọ́n ẹrù tó kù lọ́dún yìí náà ni ẹrù tó máa ṣí ìwé ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ sí 900,000 máa tà á bí ẹrù olówó pọ́ọ́kú, èrè tó sá fún á sì yọjú níbẹ̀, owó orí á sì bá a lọ́dún kejì. Bó bá wá fẹ́ fo sí ọ̀nà kejì nígbà náà kí èrè má bàa yọjú, òfin ní kó kọ ìdí rẹ̀ àti ohun tó yí padà nínú iye sílẹ̀, ojú ìwé yẹn sì ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí báyìí.