Orin Ọjọ́ Ìbí Àwọn Ìbejì Ilé Wa

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ògiri ilé yìí fẹ́lẹ́, ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbọ́ ohun tó jìnnà ju agbada ẹja Ìyá Elẹ́ja lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Akra lẹ ń pe àdúgbò wa ní Níú Táùn. Lágọ́ọ̀sì Táùn làwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n sí, nítorí àwọn ará ilé wa tó pọ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Búsíà ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ ní 1969, ọ̀pọ̀ wọn di ẹrù, wọ́n padà sílé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo pè yín fún.

Ìyá Ìbejì ló ní ọ̀rọ̀. Ó ní Táíwò àti Kẹ́hìndé fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí, òun ò sì ní í fi èdè Òyìnbó kọ orin fún wọn mọ́. Orin náà gan-an, ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tí gbogbo ayé ń kọ síwájú kéèkì. Ohùn rẹ̀ ti wà nínú ìwé orin àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà láti 1893, orin ìkíni àárọ̀ sì ni nígbà náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìbejì tó kàwé ní Lígọ̀n gbé gègé, ó ka ìró orin ìlà àkọ́kọ́ sórí ìka, mẹ́fà. Ó ka ìró ọ̀rọ̀ tirẹ̀, mẹ́fà náà ni: “Ẹ kú ọjọ́ ìbí.” Àtẹ́wọ́ bo gbogbo ilé. Èmi náà pàtẹ́wọ́, n kì í fẹ́ kí wọ́n fi mí sílẹ̀ nínú nǹkan.

Bàbá Akọrin nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n, yàrá ẹ̀yìn, ẹni tó ń sá fìlà rẹ̀ sórí okùn bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ jí i. Ó ti darí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi títí eyín rẹ̀ fi yọ. Ó ní, “Ọmọ mi, kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí n gbọ́.” Ọmọ kọ ọ́. Ohùn orin yẹn, lójú àwọn tó mọ sọ-fà, báyìí ló ń rìn: sọ, sọ, la, sọ, do òkè, ti. Ìró méjì dúró lójú kan, ó gòkè díẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó fò sókè pátápátá, ó sì yọ̀ wálẹ̀ ìdajì àtẹ̀gùn. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀: “kú” wà lókè, “ọ” wà láàárín, ọ̀rọ̀ ń sọ̀kalẹ̀ níbi tí orin ń gòkè. “Jọ́” fẹ́ lọ sókè, orin fà á wálẹ̀. “Ì” tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ ni orin gbé sórí òkè jù lọ. Ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ wàyí ni òpin: “ìbí” yẹ kó gòkè, ṣùgbọ́n orin fẹ́rẹ̀ẹ́ mú méjèèjì dọ́gba, kí ni etí gbọ́? Ibi! Ọjọ́ ibi! Ìyá Ìbejì gbé ọwọ́ lé orí, “Ibi ò ní wọlé mi o!” Ìyá Elẹ́ja ní àmín kí wọ́n tó parí gbólóhùn.

Bàbá Akọrin ní kíka ìró ni iṣẹ́ ọmọdé. Iṣẹ́ àgbà ni kéèyàn kọ́kọ́ ya ọ̀nà tí orin ń gbà, kó sì wá ọ̀rọ̀ tó ń gba ọ̀nà yẹn lọ. Kò pọn dandan kí ìwọ̀n rẹ̀ pé: orin lè fò gan-an níbi tí ẹnu gòkè díẹ̀, àlejò kò ní í mọ̀. Bí ohùn méjì bá jọ dúró lójú kan nínú ọ̀rọ̀, orin lè yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ láàárín wọn, etí a gbà á, nítorí ẹnu náà máa ń rọ̀ wálẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀ lọ. Ohun tí etí kò gbà ni kí ọ̀rọ̀ gòkè kí orin sì sọ̀kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀. Bàbá Ìbejì, ará Ewe, wá dá sí i pé àwọn ní Éfúráímù Ámù, ọmọ Pẹkí, ẹni tó ní orin tí a bá fi èdè Gánà kọ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé bí ẹnu ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Ẹ mọ orin ìlú wọn yẹn, “Yẹn Ara Asaase Ni”? Ewe ló kọ́kọ́ fi kọ ọ́ ní 1929 kó tó di Twi. Bàbá Akọrin fèsì pé tiwa náà ní Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, olórin ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Màrínà, tó kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Èmi fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé wọ́n lé Ámù kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Akropọng ní 1933 nítorí pé ó fi aṣọ ìbílẹ̀ gun pẹpẹ ìwàásù. Òótọ́ ni! Ẹ wo wàhálà aṣọ. Ìyẹn la jókòó tì fún ìgbà pípẹ́ kí kéèkì tó ránni létí iṣẹ́.

Bàbá Akọrin bá jókòó lórí àpótí. Kò tilẹ̀ wo ìwé Òyìnbó, ó ní ohun tí ayẹyẹ fẹ́ sọ ni kí á sọ. Ó ń hùn ún nímú, ó ń fi ọwọ́ gun afẹ́fẹ́. Ó wá ní: “Ọmọ wá jẹ, wá mu.” Ẹ kọ ọ́ wò! Ọ-mọ dúró lójú kan, “wá” gòkè, “jẹ” wálẹ̀, “wá” gòkè, “mu” wálẹ̀. “Wá” àkọ́kọ́ sì bọ́ sí ibi tí ìlù ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, “ọmọ” kàn sáré ṣáájú rẹ̀ ni. Ìlà kejì gba ọ̀nà kan náà, kìkì pé ó fò ga sí i: “Ire dé, ẹ wá yọ̀.” Ìyá Ìbejì ti ń jó.

Ìlà kẹta ni orúkọ ń wọlé, òun ló sì le. Orin fò lọ sókè ní ìró kẹta, ó wá ń já bọ̀ láìdúró títí dé òpin. “Ire dé bá Táíwò” wọ̀ ọ́: gbogbo ìró láti “dé” dé “í” ló wà lókè, “wò” nìkan ló balẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ fajú ro díẹ̀, ó ní ìjábọ́ láàárín “dé” àti “bá” fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tí etí rẹ̀ mú yóò gbọ́ “ba”. Ṣùgbọ́n ó ní kí a gbà á bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ṣì í gbọ́.

Wọ́n fi “Ó yá, ẹ dìde o” parí rẹ̀. Ó wọ orin bí ọwọ́ ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́. Ìyá Ìbejì ní àbí kí ni? Kí àlejò tí kò tíì jẹ ìrẹsì máa dìde? Àti pé Kẹ́hìndé dà? Ta ló ń kọ orin fún Táíwò nìkan, ṣé wọ́n fẹ́ kí ìbejì bínú ni?

Ọmọ Lígọ̀n ní kí wọ́n pààrọ̀ orúkọ ní ìlà kẹta nígbà tí wọ́n bá tún un kọ. Kò ṣeé ṣe. Kẹ́hìndé fẹ́ gòkè ní òpin, orin ibẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀, “dé” yóò di “dè”, àfi bí ẹni pé ẹnìkan so ọmọ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ kejì fi máa ń yọ àwọn tó ń túmọ̀ orin lẹ́nu: ohùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè kó sì balẹ̀ ní ojú ibi kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́.

Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ sí í hùn. Ìlà ìkẹyìn yẹn dúró lókè ní ìró méjì, ó yọ̀ díẹ̀, ó balẹ̀, ó gòkè lẹ́ẹ̀kan, ó tún balẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́ gbàá, fìlà já bọ́ lórí okùn: “Ó bá Kẹ́hìndé o!” Ẹ wò ó, “hìn” bọ́ sí ìsàlẹ̀, “dé” bọ́ sí ibi tí orin ti gòkè! Orúkọ tí kò wọ ìlà kẹta ló wá jókòó sínú ìkẹrin bí ẹni pé ẹni tó kọ orin náà mọ̀ ọ́n. Táíwò ṣáájú, Kẹ́hìndé tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe wáyé.

Àná ni Ìyá Elẹ́ja wá bá Bàbá Akọrin pé kó fi ìlà kẹta ṣe ti ọmọ òun náà. Orúkọ ọmọ ń jẹ́ Òjó. Bàbá Akọrin hùn ún, hùn ún, ó ní orúkọ yẹn ń gòkè, orin ń sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n fún ọmọ lórúkọ mìíràn. Ìyá Elẹ́ja ní orúkọ àmútọ̀runwá ni, ìwọ́ ló gbé kọ́rùn wá. Ó ní kí wọ́n máa fi ẹja kí i, kí wọ́n yé kọrin.