Ìdí Tí Àròpọ̀ Ìjábọ̀ Yín Fi Padà

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fa mẹ́mò mi àkọ́kọ́ ya. Ìjábọ̀ yín ṣì padà sọ́dọ̀ yín o, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí mo fi kàn yín nínú mẹ́mò náà kì í ṣe tiyín. Àròpọ̀ ìsàlẹ̀ ìwé yín jẹ́ ₦1,810,000, àwọn rìsíìtì sì jẹ́ ₦1,855,000. ₦45,000 ló sọnù. Àwa oníṣirò ní òfin àtijọ́ kan: bí èèyàn bá gbé nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ lé ara wọn sípò ara wọn, 9 yóò pín ìyàtọ̀ tó bá yọ láìṣẹ́kù. Mo fi 9 pín 45,000, ó pín géérégé, inú mi sì dùn bí ọdẹ tó rí ipasẹ̀ ẹtu. Owó lílu ilẹ̀ jẹ́ ₦850,000. Bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ ní 805,000, ₦45,000 gan-an ni yóò dín. Bí mo ṣe dá yín lẹ́bi nìyẹn, láì wo ìlà náà, níbi tí 850,000 ti jókòó láìlẹ́ṣẹ̀. Òfin 9 kò parọ́. Èmi ni mo gbé e sódì: gbogbo irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni 9 ń pín, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí 9 bá pín ni àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Owó ọkọ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Páìpù, lílu ilẹ̀, pọ́ǹpù àti táǹkì wà ní D4 títí dé D7, wọ́n sì pé. Ní D8, ẹ tẹ N45,000= bí a ṣe máa ń kọ ọ́ sórí rìsíìtì. Lójú Excel, N iwájú àti àmì ẹ̀yìn ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ lásán, =SUM(D4:D8) sì máa ń fo ọ̀rọ̀ láì wí fún ẹnikẹ́ni. Ká ní àmì + lẹ fi ro wọ́n pọ̀ ni, #VALUE! ì bá ti pariwo. Ọ̀rọ̀ a máa fara ti ọwọ́ òsì àpótí rẹ̀, nọ́ńbà a máa fara ti ọ̀tún, ṣùgbọ́n ẹ ti to gbogbo rẹ̀ sáàárín kó lè lẹ́wà. Ẹ tẹ =COUNT(D4:D8): 4 ni yóò mú wá dípò 5.

Ẹ lè ní kí ló dé tí n kò fi tún un ṣe fúnra mi. Ìbuwọ́lùwé yín ló wà nísàlẹ̀, ẹni tó bá sì yí iye padà lẹ́yìn ìbuwọ́lùwé ti sọ ìwé náà di tirẹ̀. Ẹ tún lè ní owó kékeré ni. ₦2,000,000 lẹ gbà; gẹ́gẹ́ bí àròpọ̀ yín, ₦190,000 ló yẹ kó ṣẹ́kù, bẹ́ẹ̀ ₦145,000 lẹ dá padà sí báńkì. Ayẹ̀wé-owó-wò yóò bi yín léèrè ₦45,000 tí awakọ̀ ti gbà. Ẹ má sì tẹ 1,855,000 lé orí àròpọ̀ náà, torí kò ní yí padà mọ́ bí ìlà kan bá tún yí. 45000 lásán ni kí ẹ tẹ̀ sí D8. Àmì náírà ti wà lókè ìwé.