Òkè Tí Ewúrẹ́ Kò Lè Gùn

Ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún ni mí. Àárín òkè ni mo dàgbà sí, síbẹ̀ èmi náà ni mo jókòó ti máàpù ìdánrawò Jógíráfì, tí mo ṣẹ̀dá òkè tí ewúrẹ́ pàápàá kò lè gùn.

Wọ́n ní ká wá gíréédíẹ́ńtì láti ibi A dé ibi B. Òṣùwọ̀n máàpù náà jẹ́ 1:50,000. Ìlà kọ́ńtọ̀ tó gba A kọjá jẹ́ 1,500 ẹsẹ̀ bàtà, ti B jẹ́ 2,000. Mo fi rúlà wọn àárín wọn, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6. Sẹ̀ǹtímítà 2 ló dúró fún kìlómítà 1, kìlómítà 3 nìyẹn. Títí débẹ̀, orí mi pé. Mo wá fi 3 pín 500, mo kọ 167, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń retí àtẹ́wọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá rìn síwájú ní mítà kan ti gòkè ní mítà 167! Olùkọ́ wa wò ó títí, ó ní: "Omi Ayíkúnugbá tó ń já bọ́ láti orí àpáta l'Ókè-Ìlá kò dúró ṣánṣán tó eléyìí."

Ẹsẹ̀ bàtà ni mo fi kìlómítà pín. Àfi kí gíga àti jíjìn jẹ́ irú ìwọ̀n kan náà kéèyàn tó pín wọn. Ẹsẹ̀ bàtà 500 tó mítà 152, kìlómítà 3 sì jẹ́ mítà 3,000. Bí a bá fi 152 pín 3,000, ó sún mọ́ 20. Ìdáhùn ni 1 nínú 20, òkè tí ìyá arúgbó á rọra gùn tòun ti igbá lórí.

Wọ́n tún ní ká sọ máàpù náà di ìdajì. Mo ya èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 sí 16 di 10 sí 8, ó dára lójú. Àmọ́ nítorí pé gbogbo nǹkan ti di ìdajì, mo kọ òṣùwọ̀n rẹ̀ ní 1:25,000. Àárín A àti B ti di sẹ̀ǹtímítà 3. Lórí òṣùwọ̀n tèmi, mítà 750 péré nìyẹn. Ta ló wá ṣí ibi méjèèjì sún mọ́ra? 1:100,000 ló yẹ, torí pé bí àwòrán bá kéré sí i, nọ́ńbà yẹn ńṣe ló ń pọ̀ sí i.

Páì ṣáàtì ló wá dójú tì mí jù. Wọ́n fún wa ní àtẹ irè oko, iṣu kó ìdá 40 nínú 100, mo sì fi dígírì 40 ya á. Nígbà tí mo ya gbogbo irè tán, dígírì 260 ṣófo. Mo kùn ún, mo kọ "Àwọn yòókù" síbẹ̀. Ká ní mo sọ ìdá kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po 3.6 ni, dígírì 144 ni iṣu ì bá gbà.

Ẹ̀yin tó ń lọ ṣe ìdánwò, ẹ ro àwọn dígírì yín pọ̀ kí ẹ tó mú kọ́ńpáàsì. Bí wọn kò bá pé 360, ẹ má tíì yà á.